Àga mi tóbi ju yàrá lọ nínú AR, ó sì ń sún lórí ilẹ̀

Bámi_Alága

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń ṣe àwòṣe àga kan fún áàpù AR lórí fóònù, irú èyí tó ń fi àwòṣe hàn nínú yàrá gidi tí kámẹ́rà ń rí. Blender kọ gíga rẹ̀ sí 84 cm, bí àga gidi náà sì ṣe ga nìyẹn. Mo gbé e jáde ní `.glb`, mo ṣí i lórí Android, òkùnkùn biribiri ló kún ojú fóònù. Ìgbà tí mo fi ìka fún un kéré ni mo tó mọ̀ pé inú ẹsẹ̀ àga ni mo dúró sí. Bí mo bá ti dín in kù tán, ó máa ń léfòó nínú búráúsà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú áàpù tiwa kì í léfòó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń sún bí mo bá ń rìn yí i ká. Fóònù náà sì ń gbóná, àwòrán ń fà. Blender ní onígun mẹ́ta tó para pọ̀ di ara àga náà jẹ́ 386,000. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Káyọ̀dé_Fáìlì

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á fi ìka fún un kéré, ṣebí ohun tí ìka wà fún nìyẹn. Ti onígun mẹ́ta, fi `Decimate` sí i, kí o kọ `Ratio` sí 0.1, ó parí. Bí fáìlì bá ṣì wúwo, tan Draco nígbà tí o bá ń gbé e jáde. Èmi ti fi Draco sọ fáìlì ńlá di kékeré báyìí, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìyá_Mẹ́ṣì

Káyọ̀dé, ibi tí o sọ òótọ́ dé ni pé Draco ń dín fáìlì kù. Ojú ọ̀nà nìkan ló ti ń dín in kù. Tó bá dé inú fóònù, fóònù á tú u padà, kò sì ní sí onígun mẹ́ta kan tó dín nínú èyí tó máa yà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń gbóná kò lè rí ìwòsàn níbẹ̀. Ti `Decimate`, ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná.

Bámi, ti ìwọ̀n ni ká kọ́kọ́ yanjú. Bí ìwọ̀n kò bá tíì tọ́, gbogbo ohun tí o bá rí nípa bó ṣe dúró sórí ilẹ̀ lè tàn ọ́ jẹ. Lọ sí `Scene Properties > Units`, wo ohun tó wà níwájú `Unit Scale`. Mo fura pé 0.01 ló wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́mbà tó wà lára àga náà gan-an jẹ́ 84. `Unit Scale` ló ń bá Blender kà á sí sẹ̀ǹtímítà, bí ẹni lẹ àkọlé mọ́ ọn. Fáìlì glTF, ìyẹn `.glb` tìrẹ, kò gbọ́ nǹkan kan nípa àkọlé yẹn. Mítà nìkan ni glTF ń kà, nọ́mbà yẹn sì ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ bó ṣe wà. Àga mítà 84 lo gbé sínú yàrá.

Dá `Unit Scale` padà sí 1. Blender á wá sọ òótọ́ fún ọ pé 84 m ni. Yan gbogbo ẹ̀yà àga náà pa pọ̀, tẹ `S`, kọ 0.01, kí o tẹ `Enter`. Lẹ́yìn náà `Ctrl+A`, kí o yan `Scale`. Má fo ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí. Bí o bá fò ó, 0.01 á ṣì so mọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àga á dára lójú, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ so nǹkan mọ́ ọn nínú áàpù lọ́la á máa bá nọ́mbà tí kò yé e pàdé.

Bó o ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: ṣí Blender tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, gbé `.glb` náà wọlé padà, yan àwọn ẹ̀yà àga nìkan, tẹ `Ctrl+J` kí wọ́n di ọ̀kan, tẹ `N`, wo `Dimensions`. 0.84 m ló gbọ́dọ̀ kọ fún gíga. Lórí fóònù, tẹ́ ìwé A4 kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn nínú ìwé yẹn jẹ́ 29.7 cm, o máa tètè rí bí àga bá ń purọ́. Rìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí o tó dájọ́ ṣá, torí inú ìrìn yẹn ni fóònù ti ń mọ bí ayé ṣe tóbi tó. Fóònù tí a dì mú gbọnin lójú kan, àròsọ ló máa ń sọ.

Bámi_Alága

Màmá, 0.01 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Ẹni tó ya àga náà fi OBJ ránṣẹ́ sí mi, nọ́mbà ibẹ̀ pọ̀, mo wá yí `Unit Scale` títí ó fi kọ 84 cm. Mo ti tún un ṣe báyìí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé A4, ó sì dọ́gba.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ní iPhone sọ pé lọ́dọ̀ tòun, àga náà kò tó èékánná. Irinṣẹ́ kan la fi sọ `.glb` náà di `.usdz`.

Ògbó_Kóòdù

OBJ kì í sọ bóyá mítà ni tàbí sẹ̀ǹtímítà, nọ́mbà lásán ló máa ń gbé wá. Ẹni tó bá gbà á ló máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yà á.

Ti iPhone, ìdàkejì wàhálà àkọ́kọ́ ni. USD, irú fáìlì tó wà nínú `.usdz`, máa ń kọ ìwọ̀n tó ń lò sí orí fáìlì. Bí kò bá sí ohunkóhun níbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà ni yóò kà á sí. 0.84 tìrẹ wá di 0.84 cm, mílímítà mẹ́jọ àti díẹ̀. Sọ fún irinṣẹ́ yẹn kó kọ èyí sí orí fáìlì:

```
#usda 1.0
(
    defaultPrim = "Aga"
    metersPerUnit = 1
    upAxis = "Y"
)
```

Bí àga bá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí iPhone, `upAxis` ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìyá_Mẹ́ṣì

Ó ṣeun, Ògbó. Bámi, ó kan ti ooru wàyí. Má fọwọ́ kan `Decimate` ná. 386,000 yẹn kò sọ ibi tí ẹrù wà. Lọ sí `Scripting`, fi èyí sáré, kí o mú èsì rẹ̀ wá:

```python
import bpy
dg = bpy.context.evaluated_depsgraph_get()
for o in bpy.context.scene.objects:
    if o.type == 'MESH':
        m = o.evaluated_get(dg).to_mesh()
        m.calc_loop_triangles()
        print(o.name, len(m.loop_triangles))
```

Bámi_Alága

Èsì rẹ̀ rèé. Tìmùtìmù 210,000. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ 48,000. Igi ẹ̀yìn 27,200. Síkúrú mẹ́rìnlélógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4,200, àpapọ̀ wọn 100,800. Ó tún kọ ohun kan tó ń jẹ́ `Plane`, onígun mẹ́ta 2. N kò mọ ohun tíyẹn jẹ́.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí ti síkúrú.

Ìyá_Mẹ́ṣì

`Plane` yẹn, fi í sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Wo síkúrú. Orí síkúrú kan lórí àga yìí kò lè ju mílímítà mẹ́jọ lọ. Ẹni tó dúró ní mítà kan ààbọ̀ sí àga, píksẹ́lì mélòó kan péré ni síkúrú yẹn máa gbà lójú fóònù rẹ̀, onígun mẹ́ta 4,200 sì ń jà sórí píksẹ́lì mélòó kan náà. Ó dá mi lójú pé ẹni tó yà á tún ya ọ̀pá rẹ̀ tó wọ inú igi, pẹ̀lú ìlà róbótó-róbótó rẹ̀. Ta ló fẹ́ rí i? Ya orí síkúrú kan ṣoṣo ní onígun mẹ́ta 120, pa gbogbo ohun tó wà nínú igi rẹ́, kí o fi ẹyọ kan yìí rọ́pò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún. 100,800 di 2,880, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀.

Tìmùtìmù ló gba ọgbọ́n. Mo gbà pé wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ìhunṣọ sí i, pẹ̀lú ìṣẹ́po àti ojú rírán rẹ̀. Ohun tí ojú ń rí lára àwòṣe pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni ìlà etí rẹ̀, ibi tí ara àga ti parí tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Onígun mẹ́ta ló ń ṣe ìyẹn, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe é. Èkejì ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣubú sí ojú rẹ̀, máàpù nọ́máàlì, àwòrán tó ń mú kí ojú pẹrẹsẹ gba ìmọ́lẹ̀ bíi pé ó rí gbágungbàgun, sì lè ṣe ìyẹn láìfi onígun mẹ́ta kan kún un. Ìhunṣọ kò yí ìlà etí padà rárá. Ìṣẹ́po ńlá tó wà ní igun tìmùtìmù ń yí i padà, nítorí náà jẹ́ kí ìyẹn dúró.

Ya tìmùtìmù tuntun tó ń tẹ̀lé ìrísí àtijọ́, bíi onígun mẹ́ta 14,000. Tẹ́ UV rẹ̀, ìyẹn bí àwòrán ṣe máa tẹ́ sí ara rẹ̀, dáadáa. Kí o wá béèkì ti àtijọ́ sórí tuntun, ìyẹn ni kí o da ojú ti àtijọ́ kọ sínú máàpù tí tuntun máa lò: nínú Cycles, yan ti 210,000 kọ́kọ́, fi tuntun ṣe ìkẹyìn, mú `Bake Type` sí `Normal`, tan `Selected to Active`, kí o fi `Extrusion` bíi 0.01 m sí i. Bí àmì dúdú bá yọ ní igun, `Extrusion` kéré jù. Bí ojú rírán apá kan bá hàn lára apá kejì, ó ti pọ̀ jù.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ `Decimate` 0.1 lórí gbogbo rẹ̀ nìyí. Kò mọ ohun tó ṣe pàtàkì sí ojú èèyàn. Á gé lára ẹsẹ̀ tó yẹ kó rí róbótó títí ẹsẹ̀ á fi ní igun, síbẹ̀ síkúrú á ṣì ní ọ̀ọ́dúnrún àti ọgọ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yí àga náà lábẹ́ iná lẹ́yìn tí o bá lò ó, o máa rí àbàwọ́n dúdú tó ń rìn lórí ibi tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí òkúta tàbí èèpo igi, mo máa ń lò ó fàlàlà. Lórí àga, rárá.

Ẹsẹ̀ lè di 6,000, igi ẹ̀yìn 16,000 torí pé ihò àárín rẹ̀ ń ṣe ìlà etí. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 38,880. Ohun kan ṣoṣo tí a ń gbé sínú yàrá, èmi kì í fẹ́ kó ju 60,000 lọ. Bó bá ti ń sún mọ́ 100,000, mo máa ń béèrè ìdí.

Káyọ̀dé_Fáìlì

Màmá, ẹ má bínú, mo ti rí ìlàjì mílíọ̀nù tó ń yí wọ̀ràwọ̀rà lórí fóònù mi. Fóònù òde òní kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́.

Ìyá_Mẹ́ṣì

Mo gbà, kò ní wú mi lórí ṣá. Nígbà tí o wò ó, kámẹ́rà ò sí ní títàn. Nínú AR, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, fóònù ń wá àmì lórí ilẹ̀, ó ń ka sẹ́nsọ̀ ìrìn, ó sì tún ń yà. Bó bá gbóná dé ibì kan, òun fúnra rẹ̀ á dín agbára rẹ̀ kù. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò lè sọ ohunkóhun fún ọ, gbé e lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó wá bá mi jiyàn.

Bámi, àwòrán ojú àga ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?

Bámi_Alága

Mẹ́rin ni, gbogbo wọn 4096. JPEG ni wọ́n, wọn kò wúwo. Àpapọ̀ wọn kò tó 9 MB.

Ògbó_Kóòdù

JPEG kò wúwo lórí dísíìkì. Nínú mẹ́mórì tí fóònù fi ń yàwòrán, wọ́n á tú u sílẹ̀, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á gba báìtì mẹ́rin. 4096 lọ́nà 4096 lọ́nà 4 jẹ́ nǹkan bíi 64 MB. Fi àwọn ẹ̀dà kékeré tí fóònù ń ṣe fún wíwò láti òkèèrè kún un, ó di bíi 85 MB. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 340 MB, fún àga kan. Mo rò pé ibí yìí gan-an ni ooru rẹ ti ń wá ju onígun mẹ́ta lọ, bí Màmá ò tilẹ̀ ní gbà.

Sọ wọ́n di 2048. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á di bíi 21 MB. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin torí pé `roughness` àti `metallic` wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, glTF ń fi méjèèjì sínú àwòrán kan: `roughness` nínú àwọ̀ ewé, `metallic` nínú àwọ̀ búlúù. Mẹ́rin di mẹ́ta nìyẹn. KTX2 tún wà, irú fáìlì àwòrán tí kì í tú sílẹ̀ tán nínú mẹ́mórì, àmọ́ fún `.usdz` lórí iPhone, PNG tàbí JPEG ni kí o fi sílẹ̀.

Ìyá_Mẹ́ṣì

N kò bá ọ jiyàn lórí àwòrán. Lórí èyí tó fa ooru jù, kí Bámi yí ọ̀kan padà lẹ́ẹ̀kan, kó wá sọ fún wa.

Aago_Ògiri

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yà sínú ọ̀rọ̀ yín. Tèmi kì í ṣe àga, aago tí a ń gbé kọ́ ògiri ni. Ìwọ̀n rẹ̀ tọ́. Àmọ́ bó bá kan ògiri, àfi bíi pé ó sún mọ́ mi jù, tí mo bá sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò bá ògiri mu rárá. Ṣé onígun mẹ́ta ni?

Ìyá_Mẹ́ṣì

Rárá o, orísun rẹ̀ ni. Wo àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn tó wà lára aago náà nínú Blender. Mo fẹ́ gbà pé àárín aago gan-an ló wà, torí ibẹ̀ ni `Origin to Geometry` máa ń gbé e sí. Ojú ibi tí àmì yẹn wà ni fóònù máa ń fi kan ògiri, nítorí náà ìdajì aago ti wọ inú ògiri. Ògiri kò sì lè bo ohun tó wọ inú rẹ̀, torí fóònù tó pọ̀ jù lọ kàn ń ya àwòṣe sórí àwòrán kámẹ́rà ni. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó sún mọ́ ọ.

Gbé orísun sí àárín ẹ̀yìn aago, ibi tó ń kan ògiri. Gbé aago náà sí 0,0,0. Kí ojú aago kọjú sí `-Y` nínú Blender, yóò di `+Z` nínú glTF, ìyẹn sì ni iwájú. Bí o bá ń lo `model-viewer` lórí ojúewé wẹ́ẹ̀bù, `ar-placement="wall"` ni kí o kọ. Ògiri funfun tí kò ní àmì kankan á ṣì fún ọ ní wàhálà, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ àwòṣe.

Bámi, ìwọ gan-an gbọ́ èyí. Fún àga, àárín ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni orísun gbọ́dọ̀ wà. `Plane` tí o ò mọ̀ yẹn sì rèé: wo ó dáadáa, ilẹ̀ tí ẹni tó yà á tẹ́ fún fọ́tò ni. Sẹ̀ǹtímítà mélòó ló fi wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀?

Bámi_Alága

Ẹ gbà mí o, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ìyá_Mẹ́ṣì

Ohun tó ń mú un léfòó nínú búráúsà nìyẹn. Àwọn awòran kan, ìyẹn áàpù tí a fi ń wo àwòṣe, ń lo orísun láti gbé nǹkan sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú gbogbo fáìlì, wọ́n á sì fi ìyẹn kanlẹ̀. Ti búráúsà rẹ wo `Plane`, ó fi `Plane` kanlẹ̀, àga wá ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Áàpù yín wo orísun, ìyẹn ló fi yàtọ̀. Pa `Plane` rẹ́, orísun àti ibi tó rẹlẹ̀ jù á di ọ̀kan náà, awòran yòówù kó jẹ́ á gbà pé ibẹ̀ ni. Bí o bá rí òjìji tí wọ́n yà mọ́ ilẹ̀ nínú fáìlì, pa òun náà rẹ́. Awòran ń ṣe òjìji tirẹ̀.

Títí_Pósítà

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bí nǹkan ṣe ń dúró síbi tí a gbé e sí, tèmi ò dúró rárá. Mo tẹ pósítà, mo ní kí ẹranko kan jáde lórí rẹ̀ bí kámẹ́rà bá rí i. Ó ń jáde, àmọ́ ó tóbi ní ìlọ́po méjì, bíi pé ó ń fò níwájú pósítà. Ṣé kí n dín onígun mẹ́ta rẹ̀ kù?

Ògbó_Kóòdù

Ìdákọ̀ró ni ohun tí fóònù fi ń so àwòṣe mọ́ ibì kan nínú ayé gidi, tìrẹ sì yàtọ̀ sí ti Bámi. Tìrẹ so mọ́ àwòrán, tirẹ̀ so mọ́ ilẹ̀. Onígun mẹ́ta kò kàn án. Báwo ni pósítà náà ṣe fẹ̀ tó, kí lo sì kọ fún áàpù pé ó fẹ̀ tó?

Títí_Pósítà

A2 la tẹ̀. Nínú áàpù mo kọ 0.21, torí A4 la fi dán an wò níbẹ̀rẹ̀.

Ògbó_Kóòdù

A2 fẹ̀ tó 42 cm. O sọ fún fóònù pé ìdajì ìyẹn ni. Fóònù wá gbà pé pósítà sún mọ́ òun ní ìlọ́po méjì, ó gbé ẹranko sí ìdajì ọ̀nà láàárín ìwọ àti pósítà, ẹranko sì tóbi ní ìlọ́po méjì lójú. Kọ 0.42.

Bámi, ó kù tìrẹ. Dáhùn ìbéèrè yìí kí n tó sọ̀rọ̀: nígbà tí o bá rìn lọ sí ọ̀tún, ibo ni àga ń sún sí, ọ̀tún tàbí òsì?

Bámi_Alága

Mo ti pa `Plane` rẹ́. Nínú búráúsà kò léfòó mọ́. Nínú áàpù wa, bí mo bá lọ sí ọ̀tún, àga ń bá mi lọ sí ọ̀tún díẹ̀. Nígbà mìíràn kì í sún púpọ̀, nígbà mìíràn ó pọ̀.

Ògbó_Kóòdù

Ó ti sọ ara rẹ̀. Ohun tó bá wà lókè ilẹ̀ gidi máa ń sún sí òdìkejì ibi tí o ń rìn lọ. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ máa ń bá ọ lọ. Bí fóònù rẹ bá wà ní mítà 1.4 sókè, tí àga wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tí o rin mítà kan sí ẹ̀gbẹ́, àga á sún tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lójú rẹ. Kò sí ìdákọ̀ró tó bọ́, ilẹ̀ tí fóònù rò pé ó wà níbẹ̀ ló rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ gidi lọ.

Bó bá jẹ́ pé àwòṣe ló jẹ̀bi, iye kan náà ni yóò máa sún nígbà gbogbo, nínú yàrá yòówù. Tìrẹ ń yí padà, nítorí náà fóònù ni. Bó bá ń fò lójijì láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ̀sùn kẹta nìyẹn: fóònù sọnù, ó wá rí ara rẹ̀ padà.

Fi kóòdù tí ẹ fi ń gbé e sílẹ̀ hàn mí.

Bámi_Alága

Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé àwọn gba `hitPose`, ibi tí títẹ̀ náà kan ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tí èèyàn bá tẹ ojú fóònù, wọ́n sì fi nọ́mbà rẹ̀ gbé àga síbẹ̀. Kò sí ìdákọ̀ró kankan nínú rẹ̀.

Ògbó_Kóòdù

Ibẹ̀ ni. Nígbà tí fóònù kọ́kọ́ rí ilẹ̀, ó lè ṣi gíga rẹ̀ mú ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Bí o ṣe ń rìn ló ń tún un ṣe. Nọ́mbà tí ẹ ti dà kọ kò gbọ́ àtúnṣe yẹn, àga wá dúró sí ilẹ̀ àná. Ìdákọ̀ró ń gbọ́ ọ. Ẹ ṣe é báyìí:

```kotlin
val hit = frame.hitTest(x, y).firstOrNull {
    val t = it.trackable
    t is Plane && t.isPoseInPolygon(it.hitPose)
}
val anchor = hit?.createAnchor()
```

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yà, `anchor.pose` ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tí ẹ rántí. Bí `anchor.trackingState` kò bá jẹ́ `TRACKING`, ẹ fi àga pamọ́ dípò kó máa fò kiri. Kí ìdákọ̀ró sì wà nítòsí àga. Ohun tó bá jìnnà ju mítà mẹ́jọ lọ sí ìdákọ̀ró rẹ̀, àtúnṣe kékeré nínú ìyípo á gbé e lọ jìnnà.

Bámi_Alága

Ẹ̀gbọ́n, ó dúró! Lórí kápẹ́ẹ̀tì kò mira rárá. Mo sì ti sọ àwòrán di 2048 kí n tó fọwọ́ kan onígun mẹ́ta: ooru dín kù, àmọ́ àwòrán ṣì ń fà. Ìgbà tí mo ṣe síkúrú àti tìmùtìmù ló tó ń lọ geere. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́.

Ohun kan ló kù. Lórí táìlì dídán, lábẹ́ iná òrùlé, ó ṣì ń bá mi rìn.

Ògbó_Kóòdù

Táìlì dídán ń ṣe bíi dígí. Iná òrùlé tí o rí nínú rẹ̀, lójú fóònù, àmì gidi ni tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó ń kó o mọ́ àwọn àmì ilẹ̀, ilẹ̀ tó rò sì ń lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá lè sọ fún aṣàmúlò kó tẹ́ ìwé tàbí aṣọ aláràbarà síbẹ̀ kó tó tẹ ojú fóònù, ó máa ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tó wò ó sàn pátápátá, n kò tíì rí i.

Ìyá_Mẹ́ṣì

Kí Bámi tó lọ: ti pé èèyàn á fi ìka fún un kéré. Má gbà fún un. Àga tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ó gba igun yàrá, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí.

```html
<model-viewer src="aga.glb" ios-src="aga.usdz"
  ar ar-scale="fixed" ar-placement="floor"></model-viewer>
```

Bí o bá ń fi `.usdz` ránṣẹ́ ní tààrà, fi `#allowsContentScaling=0` sí ìdí àdírẹ́sì rẹ̀.

Káyọ̀dé_Fáìlì

Màmá, ibí yìí ni mi ò ní tẹ̀lé yín dé. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ wo àga náà lórí tábìlì ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá tì í pa, á kàn pa á dé ni.

Ògbó_Kóòdù

Káyọ̀dé ní ẹjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Tèmi ni pé kó bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, kó lè kéré, kí bọ́tìnì kan sì wà tó ń dá a padà sí 100%.

Ìyá_Mẹ́ṣì

Bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀. Ẹ ṣe bó ṣe wù yín.